Bí Onígbọ̀wọ́ Bá Ba Orúkọ Aṣojú Jẹ́: Ọ̀nà Àbájáde Nínú Àdéhùn

Láti Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú níbí la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo ẹ̀rọ amúnáwá lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, wọ́n ti mú iná lọ láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo àwa tí a ń fi ojú àti ohùn jẹun. MC, onífújì, eléré tíátà, àwọn tó ń ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀, agbábọ́ọ̀lù, títí kan àwa tí a ń ṣe pọ́díkáàsì. Ilé-iṣẹ́ kan pè ọ́ pé kí o wá ṣe àḿbásádọ̀ àwọn, ìyẹn aṣojú tí wọ́n máa fi àwòrán rẹ̀ polówó ọjà. O gbà, o fọwọ́ sí ìwé, wọ́n sanwó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìròyìn jáde pé ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe ohun tí kò dára, àwọn èèyàn sì ń wá ọ kiri. Báwo lo ṣe máa jáde?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán yín létí ohun tí gbogbo wa rí nílùú yìí. Ní oṣù Kẹrin 2025, nígbà tí CBEX dojú dé, àwọn ọ̀dọ́ ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Òkè-Àdó, wọ́n kó àga, wọ́n kó tábìlì. Nínú oṣù yẹn kan náà, EFCC kéde pé àwọn ń wá àwọn kan tó ń polówó rẹ̀. Àwọn yẹn kì í ṣe aṣojú tí a ń sọ lónìí o, ẹ má jẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ẹni tó ni òwò lè má sí nílùú rárá, ẹni tó fi ẹnu rẹ̀ polówó ló wà láàárín wa. Òun la mọ ilé rẹ̀. Àgùntàn tó bá ajá rìn, àwọn àgbà ti sọ ohun tó máa jẹ.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an kan èmi náà. Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tó ń ṣe MC. Kò sí òde tó tóbi láti Mápó dé Beyerunká tí wọn kì í pè é sí, bó bá sì ti di gbohùngbohùn mú, ẹ ò ní ráyè jẹun fún ẹ̀rín. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú wá bá a. Mi ò ní dárúkọ wọn. Àdéhùn oṣù 12, owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.8 náírà: ₦900,000 lọ́jọ́ tó bá fọwọ́ sí ìwé, ₦450,000 ní oṣù kẹrin, ₦450,000 ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì máa fún un ní pulọ́ọ̀tì kan bí ọdún bá pé. Èmi ni mo gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún jíńgùlù mẹ́rin, èmi náà ni mo ya fídíò mẹ́fà, mo sì gbowó mi. Nítorí náà ẹ má wò mí bí ẹni tó dúró sí ọ̀ọ́kán tó ń wòran.

Ní oṣù karùn-ún, ní kùtùkùtù, ìyá kan tó ń ta ata ní Ọjà-Ọba wá sí agbo ilé ẹ̀gbọ́n wa. Ó ti san ₦650,000 fún ilẹ̀, ó lọ wò ó, ó bá ẹlòmíràn tó ti ń mọ ògiri yí i ká. Kò lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, ohùn rẹ ni mo gbọ́ lórí rédíò tí mo fi kówó sílẹ̀." Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, àwọn méjì mìíràn ti wá. Pulọ́ọ̀tì kan náà ni wọ́n tà fún èèyàn méjì, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ojú ti ẹ̀gbọ́n, inú sì bí i. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun mẹ́ta ló ṣe, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pa á lára. Ó kọ ọ́ sórí WhatsApp pé òun kò bá àwọn olè da nǹkan pọ̀ mọ́. Ó pa gbogbo fídíò tó ti ṣe fún wọn rẹ́ lójú òpó rẹ̀. Ó tún pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí òun àti mánéjà wọn ti bá ara wọn sọ lórí fóònù rẹ́, ó ní òun kò fẹ́ rí orúkọ wọn mọ́. Ọjọ́ kẹfà ni lẹ́tà lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà dé. Wọ́n ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́, wọ́n ní ó da àdéhùn nù láìní ẹ̀tọ́, wọ́n sì ní kí ó dá mílíọ̀nù 1.35 tó ti gbà padà. Ẹ gbọ́ o, àwọn tó ta ilẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì ló ń bèèrè owó.

Mo rò pé wọ́n kàn ń halẹ̀ ni. Àfi ìgbà tí a gbé ìwé àdéhùn dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kan ní Mọ́kọ́lá. Ó kà á, ó fi ìka rẹ̀ sí ìpín 9. Ìpín yẹn sọ pé bí aṣojú bá ṣe ohunkóhun tó lè ba orúkọ ilé-iṣẹ́ jẹ́, ilé-iṣẹ́ lè fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀, kí aṣojú sì dá owó padà. Ó wá bi wá pé, "Èwo ló sọ̀rọ̀ nípa orúkọ aṣojú?" A wá a títí, kò sí i níbẹ̀.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ló máa ń kọ ìwé, ara rẹ̀ ló sì máa ń dáàbò bò. Bí MC bá mutí yó tó jà, wọ́n lè lé e lọ lọ́jọ́ kejì. Bí ilé-iṣẹ́ bá jalè, MC ṣì wà nínú àdéhùn. Bó bá sì kàn dìde tó ń lọ, lójú òfin òun ni ó rú àdéhùn. Kì í ṣe Ìbàdàn nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn tí kò lówó lọ́yà nìkan ni ó ń bá. Ẹ jẹ́ kí n fi tàwọn ńlá hàn yín.

Ní 1999, ilé-iṣẹ́ Enron tó ń ta gáàsì àti iná mànàmáná ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà bá ẹgbẹ́ eléré bẹ́ẹ́sìbọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ Houston Astros ṣe àdéhùn pé kí wọ́n máa fi orúkọ Enron pe pápá ìṣeré wọn tuntun. 100 mílíọ̀nù dọ́là ni, fún 30 ọdún. Wọ́n ṣí pápá náà ní 2000, Enron Field ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, àṣírí tú pé ìwé owó tí Enron ń gbé síta kì í ṣe òótọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2001, wọ́n wọ ilé-ẹjọ́ lọ sọ pé àwọn ti wọko gbèsè. Àwọn òṣìṣẹ́ pàdánù iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ wọn tó wà nínú ìpín ìdókòwò Enron sì di òfo. Ìlú Houston yẹn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń gbé. Ẹ fojú inú wò ó bí ẹnì kan bá pàdánù owó ogbó rẹ̀, tó mú ọmọ rẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù, tó wá bá orúkọ àwọn tó jẹ owó náà gàdàgbà lẹ́nu ọ̀nà.

Astros fẹ́ jáde. Kí ló dá wọn dúró? Enron kò tíì jẹ wọ́n lówó. Gbèsè wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n owó orúkọ pápá náà, wọ́n ń san án déédéé, àwọn tó ń bójú tó ohun ìní Enron sì ka orúkọ ara ògiri yẹn sí dúkìá tí a lè tà. Níwọ̀n ìgbà tí owó ń wọlé, kò sí ìpín àdéhùn kankan tí ilé-iṣẹ́ náà rú sí Astros. Òfin Amẹ́ríkà tún wà nílẹ̀ pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti wọ ilé-ẹjọ́ gbèsè, ẹni tó bá a ṣe àdéhùn kò lè dá a fa àdéhùn náà ya láìgba àṣẹ adájọ́. Ní oṣù Kejì 2002, Astros lọ bá ilé-ẹjọ́, wọ́n ní orúkọ yẹn ń ṣe àwọn ní ìpalára lójú ará ìlú. Níkẹyìn wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà parí sí ìdúnàádúrà: Astros fúnra wọn ló san mílíọ̀nù 2.1 dọ́là fún Enron kí wọ́n tó lè sọ orúkọ náà kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ ló sanwó.

Àwọn kan máa ń sọ pé Astros gọ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá pín 100 mílíọ̀nù sí 30 ọdún, ó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 3.3 lọ́dún. Wọ́n san èyí tí kò tó owó ọdún kan, wọ́n sì gba ara wọn. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn náà, àwọn Minute Maid tó ń ṣe omi èso ra orúkọ pápá náà. Bí wọ́n bá dúró jà á, ta ló mọ iye ọdún tí yóò gbà? Nígbà mìíràn, owó ìjáde kò wọ́n tó orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ìpín kan ṣoṣo bá wà nínú ìwé 1999 yẹn, wọn ì bá ti lọ bá adájọ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ lọ́wọ́, dípò ẹ̀bẹ̀.

Báwo wá ni ìpín yẹn ṣe máa rí? Agbẹjọ́rò wa kọ ọ́ fún wa lórí bébà kan, a sì ti ń fi í sínú gbogbo àdéhùn tí a bá ṣe láti ìgbà yẹn. Mo máa sọ ọ́ ní èdè tiwa, kí ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín tún un ṣe. Ó ní: bí ilé-iṣẹ́ yìí, tàbí ẹni tó ni ín, tàbí ọ̀gá tó ń darí rẹ̀, bá ṣe ohun kan, tàbí bí ó bá hàn sí gbangba pé ó ti ṣe é tẹ́lẹ̀, tí ohun náà sì lè sọ aṣojú di ẹni ẹ̀gàn láwùjọ, aṣojú lè dá iṣẹ́ dúró lọ́jọ́ náà, ó sì lè fi ìwé ọjọ́ 7 fòpin sí àdéhùn. Owó iṣẹ́ tó ti ṣe kò ní padà. Ilé-iṣẹ́ máa kó àwòrán àti ohùn rẹ̀ kúrò níbi gbogbo láàárín ọjọ́ 7 lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti máa bá yín jiyàn ni ọ̀rọ̀ "bí ó bá hàn". Àwọn onígbọ̀wọ́ máa ń fẹ́ kí ẹ kọ "bí ilé-ẹjọ́ bá dá a lẹ́bi." Ó dùn ún gbọ́ létí, ó jọ ìdájọ́ òdodo. Ẹ má gbà á. Àdéhùn yín jẹ́ oṣù 12, ẹjọ́ nílùú wa lè gba ọdún mẹ́fà. Kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀, àdéhùn ti parí, orúkọ yín náà sì ti parí. Àwọn náà sì ní ìdí tí wọn kò fi ní gbà kí ẹ kọ "bí ẹnikẹ́ni bá fẹ̀sùn kàn án", nítorí ẹnikẹ́ni lè jí láàárọ̀ kó pariwo lórí Fesibúùkù. Àárín méjèèjì ni a máa ń dúró sí: kí a dárúkọ ohun tí a lè fi ojú rí. Bí EFCC, tàbí SEC tó ń mójú tó ìdókòwò, tàbí NAFDAC, tàbí FCCPC tó ń gbèjà oníbàárà, bá gbé ìkìlọ̀ jáde lórí wọn. Bí ọlọ́pàá bá gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Tàbí bí oníbàárà mẹ́ta tó ní rìsíìtì lọ́wọ́ bá kọ ìwé ẹ̀hónú tí ilé-iṣẹ́ kò sì yanjú rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Èyí tó kẹ́yìn yìí, èmi ni mo ní kí wọ́n fi kún un. Ìyá aláta ló kọ́ mi.

Ẹ kíyè sí i pé a kọ "tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀" sínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè hùwà burúkú ní ọdún méjì ṣáájú kí ẹ tó mọ̀ wọ́n, kí àṣírí wá tú nígbà tí àwòrán yín wà lórí pátákó. Bí ìwé bá sọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn ìfọwọ́sí nìkan, ẹ kò ní ọ̀nà.

Ẹ wá ń bi mí pé, ẹni tó ti fọwọ́ sí tirẹ̀ tí irú ìpín yìí kò sì sí níbẹ̀ ńkọ́? Bí ti ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Agbẹjọ́rò bi í pé, kí o tó fọwọ́ sí, kí ni wọ́n sọ fún ọ nípa ilẹ̀ náà? Ẹ̀gbọ́n ní mánéjà wọn fi ohùn ránṣẹ́ sí òun pé ẹbí tó ni ilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, kò sí ìjà kankan lórí rẹ̀. Ó dà? Ó ti pa á rẹ́. Orí ló yọ wá. Nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ jíńgùlù àkọ́kọ́, mo ti ní kó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí mi kí n lè mọ ohun tí a máa sọ. Ó wà lórí fóònù mi, ọjọ́ àti aago rẹ̀ hàn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ìfọwọ́sí. Gbogbo fídíò tó pa rẹ́ náà wà lórí háàdì dísìkì mi.

Ohùn yẹn ni okùn tó fà á jáde. Nínú òfin àdéhùn tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹnì kan bá parọ́ fún ọ nípa ohun pàtàkì, tí irọ́ náà sì wà lára ohun tó mú ọ fọwọ́ sí ìwé, o lè fagi lé àdéhùn náà. Kò pọn dandan kí ìpín kankan sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Bí o bá ti mọ̀ pé irọ́ ni, tí o sì ń bá iṣẹ́ lọ tí o ń gba owó, òfin lè ní o ti gbà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ ni kí ẹ dúró. Bí owó oṣù kẹjọ bá wọ báǹkì yín lẹ́yìn tí ẹ ti mọ̀, ẹ dá a padà lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìwé.

Dídúró yàtọ̀ sí jíjáde o, ọ̀pọ̀ wa kò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀. Ẹ wo àwọn Mercedes tí wọ́n ń fi mọ́tò sáré ìje Fọ́múlà Wọ́ọ̀nù. FTX, ilé-iṣẹ́ owó kírípítò, ni ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2022, ọjọ́ kan náà tí FTX wọ ilé-ẹjọ́ gbèsè, Mercedes kéde pé àwọn ti dá àjọṣe náà dúró, wọ́n sì yọ orúkọ FTX kúrò lára mọ́tò kí ìdíje ti Brazil ní òpin ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò: "dá dúró". Wọn kò bú ẹnikẹ́ni, wọn kò tíì sọ pé àdéhùn ti parí. Wọ́n kọ́kọ́ yọ ara wọn kúrò lójú ayé, wọ́n wá fi èyí tó kù sílẹ̀ fún àwọn lọ́yà. Bí ẹ bá dá iṣẹ́ dúró, tí ó wá hàn lọ́la pé ẹ̀sùn náà kì í ṣe òótọ́, ẹ lè padà. Bí ẹ bá ti pe àwọn èèyàn ní olè, kò sí ọ̀nà àtipadà mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ̀gbọ́n wa kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Pé láti òní, ọjọ́ báyìí, òun ti dá iṣẹ́ òun gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé-iṣẹ́ báyìí dúró. Pé ìpolówó èyíkéyìí tí ẹ bá gbọ́ ní ohùn òun lẹ́yìn òní kò ní ọwọ́ òun nínú mọ́. Pé ẹni tó bá rà nítorí ìpolówó òun tí ó sì ní ìṣòro, kó mú ẹ̀dà rìsíìtì rẹ̀ wá. Ó parí. Kò sí "olè" níbẹ̀, kò sí "oníjìbìtì". Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ òótọ́ tí ẹ sì lè fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ nìkan ni. Àwọn fídíò, kí ó fi wọ́n pamọ́ sí ibi tí ojú ayé kò ti ní rí wọn mọ́, kí ó má pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀rí iṣẹ́ tó ti ṣe ni wọ́n, ẹ̀rí ohun tí wọ́n ní kó sọ náà sì ni.

Owó wá kù. Ilé-iṣẹ́ ń bèèrè mílíọ̀nù 1.35. Agbẹjọ́rò wa ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: mílíọ̀nù 1.8 fún oṣù 12, ₦150,000 lóṣù kan. Oṣù márùn-ún ló ṣiṣẹ́, ₦750,000 nìyẹn. Ó ti gba mílíọ̀nù 1.35, ó kù ₦600,000 tí kò tíì ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ó ní a lè jà kí ẹ̀gbọ́n má dá kọ́bọ̀ padà, ṣùgbọ́n òun kò dámọ̀ràn rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ "olè" tó kọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì máa gbé méjèèjì kalẹ̀. Ìdí mìíràn wà tí kò sí nínú òfin. Bí ẹ bá di owó tí ẹ kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ mú, tí ó sì jẹ́ pé owó àwọn tí wọ́n rẹ́ jẹ ni, ẹnu yín á wúwo láti sọ̀rọ̀.

Wọ́n parí rẹ̀ lórí tábìlì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n dá ₦600,000 padà, ó yááfì pulọ́ọ̀tì, ó yọ ọ̀rọ̀ tó kọ kúrò láìtọrọ àforíjì. Ilé-iṣẹ́ jáwọ́ nínú ẹ̀sùn wọn, wọ́n sì gbà láti kó ohùn àti àwòrán rẹ̀ kúrò láàárín ọjọ́ 7. Ohun kan tí agbẹjọ́rò kọ̀ jálẹ̀ láti gbà ni ìlà tí wọ́n fẹ́ fi sí i pé ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa àwọn títí láé. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyẹn kò kan ọlọ́pàá, ilé-ẹjọ́ àti àjọ ìjọba, kí ó sì lè jẹ́rìí fún àwọn oníbàárà. Wọ́n gbà, pẹ̀lú ìkùnsínú. Bí ẹ bá ń ṣe ìparí bẹ́ẹ̀, ìlà yẹn ni kí ẹ fi ojú sí jù, torí pé òun ló lè sọ yín di ẹni tó ń bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ 7 pé, jíńgùlù ṣì ń dún. Ilé-iṣẹ́ ní àwọn ti sọ fún rédíò, rédíò ní kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn. Mo mú ẹ̀dà ìwé ìparí náà lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìpolówó níbẹ̀ fúnra mi, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Pátákó ìpolówó tiẹ̀ tún le jù. Ẹni tó ni òpó pátákó kì í ṣe ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n sì san sílẹ̀. Ó ní àfi kí ẹnì kan san owó àwọn tó máa gun òkè lọ tú u. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ojú ẹ̀gbọ́n wà lókè níbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó ń kọjá. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ìwé àdéhùn ni a máa ń kọ orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò àti oní-pátákó tí wọ́n máa lò sí, a sì máa ń kọ ọ́ pé aṣojú ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé sí wọn tààrà, kí ilé-iṣẹ́ sì san owó títú.

Èyí tí a kò rí nǹkan kan ṣe sí ni WhatsApp. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi fi jíńgùlù kejì ránṣẹ́ sí mi látinú gúrúùpù ilé ìwé wọn, ẹnì kan ń bèèrè bóyá ilẹ̀ yẹn ṣì wà. Mo fèsì, mo fi ìkéde ìdádúró tí ẹ̀gbọ́n wá kọ nígbà tó yá ránṣẹ́. A ti yà á bí àwòrán, ọjọ́ wà lára rẹ̀, a sì máa ń fi í ránṣẹ́ sí ibikíbi tí a bá ti gbọ́ ohùn náà.

Ìyá aláta ti gba ₦200,000 nínú ₦650,000 rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti lọ jẹ́rìí fún un ní àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ti kó fídíò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún àwọn tó ń ṣèwádìí. Bí ìyókù bá wọlé, a máa sọ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé àdéhùn nílé, ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi nǹkan bo orúkọ ilé-iṣẹ́ kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, agbẹjọ́rò náà fúnra rẹ̀ máa jókòó pẹ̀lú wa. Ó dàárọ̀ o.